Ààrò àyálò, ààrò igi, ààrò ńlá: èwo ni ọjà yín lè gbé?

Obìnrin kan wá bá mi lóṣù tó kọjá, ìwé ìṣirò rẹ̀ wà lábíyá. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń ta búrẹ́dì lọ́nà Mọ́níyà, níbí n'Ìbàdàn. Kò ní ààrò tirẹ̀. Yóò pò ìyẹ̀fun, yóò gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì ẹlòmíràn, yóò sì sanwó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá bá a yan. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi: ààrò àyálò tí mò ń lò yìí, ààrò igi tèmi, tàbí ààrò ńlá oníẹ̀rọ. Mo ti ṣírò gbogbo ẹ̀, èrè kan náà ni wọ́n ń mú wá. Ṣé kí n kàn mú èyí tó bá wù mí ni?"

Mo yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, iye èrè tó rí kì í ṣe irọ́. Tó bá ta 10,000 búrẹ́dì lóṣù, èyí tó jẹ́ bíi 385 lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó sì ń gba 1,000 náírà lọ́wọ́ alágbàtà, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò mú mílíọ̀nù kan náírà wá. Ṣùgbọ́n 10,000 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé, ta ló sì bá a bá ọjà mulẹ̀ pé yóò máa jẹ́ 10,000? Èyí ni ohun tí mo bá a tò sílẹ̀. Mo yí iye owó rẹ̀ sí odindi kí ìṣirò má baà le, àmọ́ bí wọ́n ṣe tóbi jura wọn lọ kò yí padà.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pín ìnáwó sí méjì. Èyí tó ń tẹ̀lé ọjà wà: ìyẹ̀fun, ṣúgà, bọ́tà, yíìsì, náílọ̀nù. Bí ẹ kò bá yan búrẹ́dì lónìí, ẹ kò ná an. Èyí tó dúró sójú kan náà wà: owó ilé, owó oṣù òṣìṣẹ́, owó ẹ̀rọ. Ẹ yan, ẹ kò yan, ẹ ó san án. Tí ẹ bá yọ ìnáwó tó ń tẹ̀lé ọjà kúrò nínú 1,000 náírà tí ẹ ta búrẹ́dì kan, ohun tó bá kù ni màá máa pè ní àṣẹ́kù. Àṣẹ́kù yìí la fi ń san ìnáwó adúró. Ọjọ́ tó bá san án tán gẹ́lẹ́, a dé ojú ọ̀mì: bí ìgbà táwọn méjì ta ayò tí ẹnìkan kò jẹ, tí ẹnìkan kò sì fìdí rẹmi.

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni àlàfo ààbò. Ó ń béèrè pé: láti ibi tí ọjà wà báyìí, báwo ló ṣe lè wálẹ̀ tó kó tó kan ojú ọ̀mì? Ẹ yọ iye ojú ọ̀mì kúrò nínú iye tí ẹ ń tà, ẹ fi iye tí ẹ ń tà pín in.

Òṣùwọ̀n kejì ni ìgbélọ́po. Òun ń béèrè pé: tí ọjà bá yí padà díẹ̀, ìlọ́po mélòó ni èrè fi máa yí padà? Ẹ mú gbogbo àṣẹ́kù oṣù, ẹ fi èrè oṣù náà pín in. Tó bá jẹ́ 4, tí ọjà sì fi 10% wálẹ̀, èrè yóò fi 40% wálẹ̀. Bí ọjà bá sì gòkè, bákan náà ni.

Ọ̀pọ̀ ìwé kọ́ àwọn méjèèjì bí ẹni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ojú kan náà ni wọ́n, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi àlàfo ààbò pín 1, ìgbélọ́po lẹ máa rí: 1 tí a fi 0.25 pín, 4 ni. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun lo òṣùwọ̀n méjì, òun sì rí i pé méjèèjì sọ ohun kan náà, kò tíì rí ẹ̀rí méjì. Ẹ̀rí kan ló gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Òṣùwọ̀n kẹta kò lórúkọ ńlá, bẹ́ẹ̀ òun ló máa ń pa onibúrẹ́dì jù: báwo ni àṣẹ́kù orí ẹyọ kan ṣe nípọn tó? Màá padà sí i.

Bí a ṣe mọ èyí tó dúró yàtọ̀ sí èyí tó ń tẹ̀lé ọjà

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé. Obìnrin yìí ti kó owó oṣù ọmọ iṣẹ́ méjì mọ́ ìnáwó orí búrẹ́dì, ó ní "àwọn ló ń pò ó." Bẹ́ẹ̀ oṣooṣù ló ń san án, ì báà ta díẹ̀, ì báà ta púpọ̀. Mo ní ká jẹ́ kí ìwé rẹ̀ sọ̀rọ̀. A wá oṣù tó tà jù, oṣù Kejìlá ni, 11,500 búrẹ́dì, gbogbo owó tó jáde jẹ́ 10,312,500 náírà. A wá oṣù tó tà kéré jù, oṣù Kẹjọ ni, ilé-ìwé wà nísinmi: 7,500 búrẹ́dì, 6,812,500 náírà. Ìyàtọ̀ owó jẹ́ 3,500,000; ìyàtọ̀ búrẹ́dì jẹ́ 4,000. Ẹ fi èkejì pín àkọ́kọ́, 875 náírà ni: iye tí búrẹ́dì kan ń jẹ ní tòótọ́ nìyẹn. Ohun tó kù lẹ́yìn tí a bá yọ 875 lọ́nà 7,500 kúrò nínú owó oṣù Kẹjọ ni 250,000, ìyẹn ìnáwó adúró rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí ní àléébù kan. Oṣù méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ àsìkò tí owó ìyẹ̀fun kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Tí ìyẹ̀fun bá ti gbówó lórí láàárín wọn, ìṣirò náà yóò máa pe ọ̀wọ́n ọjà ní ìnáwó tó ń tẹ̀lé ọjà, iye tó bá jáde kò sì ní jọ òtítọ́. Tiwa bọ́ sí i, iye owó ò yí padà púpọ̀ láàárín oṣù méjèèjì.

Bí àwọn ọ̀nà mẹ́ta náà ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nìyí, tí ọjà bá wà ní 10,000:

| | Ààrò àyálò | Ààrò igi | Ààrò ńlá |
|---|---|---|---|
| Ìnáwó orí búrẹ́dì kan (náírà) | 875 | 800 | 600 |
| Àṣẹ́kù orí búrẹ́dì kan | 125 | 200 | 400 |
| Ìnáwó adúró lóṣù | 250,000 | 1,000,000 | 3,000,000 |
| Ojú ọ̀mì (búrẹ́dì) | 2,000 | 5,000 | 7,500 |
| Àlàfo ààbò | 80% | 50% | 25% |
| Ìgbélọ́po | 1.25 | 2 | 4 |
| Èrè | 1,000,000 | 1,000,000 | 1,000,000 |

Ààrò àyálò

Nínú 875 yẹn, 650 ni ti ohun èlò, 225 sì ni owó tí onílé ààrò ń gbà. Ẹ wo bí ọkàn ṣe balẹ̀ tó: ọjà lè já láti 10,000 bọ́ sí 2,000, kò tíì sí àdánù. Tí ọjà bá fi 20% wálẹ̀, èrè yóò bọ́ sí 750,000. Ó dùn èèyàn, kò pa èèyàn.

Àmọ́ ẹ̀rọ ẹlòmíràn lẹ gbẹ́kẹ̀ lé, èyí ò sì hàn nínú nọ́ńbà kankan. Èmi náà ti bá aya ẹ̀gbọ́n mi ṣe òwò yìí rí, kí n tó jókòó ti ìwé ìṣirò. Lọ́sẹ̀ Kérésìmesì kan, a gbé páànù tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ sí ilé búrẹ́dì tí a máa ń lò. Onílé ní ká dúró, òun fẹ́ kọ́kọ́ yan tòun tán. A dúró láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́ta òru. Ìyẹ̀fun tí a ti pò kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ó wú, ó kọjá etí páànù, ó ṣàn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn kíkan bí ọtí. Nígbà tó fi máa kàn wá, àárín búrẹ́dì ti rì, ojú rẹ̀ rí bí ilẹ̀ tí òjò gbẹ́. Ìdajì rẹ̀ la rí tà, ìdajì owó náà la sì tà á. Àlàfo ààbò wa lóṣù yẹn dára lórí ìwé.

Ààrò igi

Eléyìí kò gba àlàyé púpọ̀. Ohun èlò ṣì jẹ́ 650, igi àti gáàsì 90, owó ọwọ́ tí a ń san fún àwọn tó ń yan lórí ẹyọ 60. Ilé, amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀gá ayan àti ẹ̀rọ ìpò-ìyẹ̀fun kékeré ló kó mílíọ̀nù kan adúró náà jọ. Kò síbi tó ti ta yọ. Bí ọjà bá kọjá 10,000, ààrò ńlá ló lérè jù. Bí ọjà bá wà lábẹ́ rẹ̀, àyálò ló lérè jù. Ní iye tí ẹ rí lókè yìí, 10,000 gẹ́lẹ́ ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé, nítorí náà ààrò igi kì í borí níbikíbi. Ìgbà tó bá ṣe dáadáa jù, yóò wà láàárín.

Nígbà náà, kí ló dé tí èèyàn fi máa mú un? Nítorí pé òru Kérésìmesì yẹn kò ní tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin lẹ ó mọ ìgbà tí ààrò yín gbóná. Ohun kan tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ààrò kékeré ní ìwọ̀n. Tó bá jẹ́ pé 11,000 ni agbára rẹ̀ lóṣù, àǹfààní ọjà tó gòkè ò kàn yín, àyàfi tí ẹ bá kọ́ òmíràn, ìnáwó adúró yóò sì fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà náà, gbogbo ìṣirò wa gbọ́dọ̀ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ààrò ńlá

Ààrò dísẹ́ẹ̀lì tó ń yí po, ẹ̀rọ ìpò, ẹ̀rọ ìgé, jẹnẹrétọ̀: ìyàlò gbogbo wọn jẹ́ 1,100,000 lóṣù, owó òṣìṣẹ́ 900,000, dísẹ́ẹ̀lì àti iná 800,000, ilé àti àtúnṣe 200,000. Ohun èlò wálẹ̀ sí 600 nítorí pé ìyẹ̀fun ọ̀pọ̀ àpò lẹ ó máa rà lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń jóná tàbí tó ń wọ́ sì máa dínkù.

Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé dísẹ́ẹ̀lì kì í ṣe ohun tó ń tẹ̀lé ọjà ni? Díẹ̀ lára rẹ̀ ni. Ààrò tútù ni yóò kọ́kọ́ gbóná kí búrẹ́dì àkọ́kọ́ tó wọlé, ì báà ṣe 200 tàbí 500 lẹ fẹ́ yan lọ́jọ́ náà. Epo tó pọ̀ jù ló ń lọ síbẹ̀. Mo ti rí ilé búrẹ́dì tó ka gbogbo dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sí ìnáwó orí búrẹ́dì, tó wá ń yà á lẹ́nu pé oṣù tí ọjà ò yá ni búrẹ́dì ń "jẹ epo jù."

Ìgbélọ́po 4 yìí ò sinmi. Ẹ wo ohun tó ń ṣe. Tí ọjà bá fi 20% gòkè sí 12,000, èrè di 1,800,000, nígbà tí ti àyálò jẹ́ 1,250,000 péré. Tí ọjà bá fi 20% wálẹ̀ sí 8,000, èrè di 200,000. Tó bá dé 7,000, 200,000 náírà yóò jáde láti àpò yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í rí rèé: 4 kì í ṣe òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sára ẹ̀rọ náà. Ibi tí ẹ dúró sí ló ń sọ ọ́. Ní 12,000, àṣẹ́kù 4,800,000 tí a fi èrè 1,800,000 pín kò pé 2.7. Ní 8,000, àṣẹ́kù 3,200,000 tí a fi 200,000 pín jẹ́ 16. Ìyẹn ni pé lóṣù tí ẹ ń ta 8,000, tí ọjà bá fi búrẹ́dì ọgọ́rin wálẹ̀, tó jẹ́ ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún, èrè yín ti fi 16% dínkù. Bí ẹ bá sì sún mọ́ ojú ọ̀mì gan-an, nọ́ńbà náà á ya wèrè, kò ní wúlò mọ́. Iye owó gan-an ni kí ẹ máa wò nígbà náà.

Ohun mìíràn tún wà. Ìyàlò ni mo fi ṣírò. Tó bá jẹ́ pé ẹ yá owó báǹkì ra ẹ̀rọ náà, èlé owó yẹn kì í sí nínú ìgbélọ́po yìí, abẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí. Ní oṣù Kọkànlá 2024, báǹkì àpapọ̀ ti gbé òṣùwọ̀n èlé tirẹ̀ dé 27.5%, iye tí báǹkì ń yá oníṣòwò sì ga ju ìyẹn lọ. Ẹ fi èlé náà kún ìnáwó adúró kí ẹ tó wá ojú ọ̀mì. Bó bá jẹ́ 300,000 lóṣù, tí ìnáwó adúró yòókù ṣì jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́ta, ojú ọ̀mì yóò di 8,250.

Ìyẹ̀fun gbówó lórí: ibi tí òṣùwọ̀n méjèèjì ti dákẹ́

Títí di ibí, ọjà tó wálẹ̀ nìkan la ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé òkè òkun ni gbogbo àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ní Nàìjíríà ti ń wá. Nígbà tí wọ́n jọ̀wọ́ náírà ní oṣù Kẹfà 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 470 náírà ní ọjà ìjọba. Ní oṣù Kejì 2024 ó ti kọjá 1,500. Ẹni tó ra ìyẹ̀fun lákòókò yẹn mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká ní ohun èlò fi 20% gòkè, tí ẹ kò sì lè fi kún owó búrẹ́dì nítorí pé ará àdúgbò ò fi kún tiwọn. Ọjà kò wálẹ̀, 10,000 náà ni. Nínú ààrò àyálò, 650 di 780. Ẹ fi 225 ti onílé kún un, 1,005 ni. Àṣẹ́kù orí búrẹ́dì kan ti di àdánù náírà márùn-ún. Kò sí ojú ọ̀mì mọ́ níbikíbi. Bí ẹ bá ta ogún ẹgbẹ̀rún, àdánù ló ń pọ̀ sí i. Ọ̀nà tó ní àlàfo ààbò 80% nìyẹn o.

Ààrò igi kù pẹ̀lú àṣẹ́kù 70, àdánù 300,000 lóṣù, ṣùgbọ́n ojú ọ̀mì ṣì wà, ní bíi 14,300, èyí tó ju agbára ààrò náà lọ. Ààrò ńlá kù pẹ̀lú 280, àdánù 200,000, ojú ọ̀mì ní bíi 10,700. Èyí tí a ń bẹ̀rù jù ló súnmọ́ ìyè jù lọ́jọ́ tí ìyẹ̀fun gbóná.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àlàfo ààbò àti ìgbélọ́po ń wọn ewu iye tí a tà. Wọn kò mọ nǹkan kan nípa ewu owó tí a fi ń ra ohun èlò. Àṣẹ́kù tó tín-ín-rín lè ní àlàfo tó gbòòrò, kìkì nítorí pé ìnáwó adúró rẹ̀ kéré. Ẹ máa wo méjèèjì pọ̀.

Síbẹ̀, ẹ tún wo bí a ṣe ń jáde. Ẹni tó wà ní ààrò àyálò lè dá iṣẹ́ dúró lọ́la, 250,000 ló máa pàdánù lóṣù, bóyá ó sì kéré sí i. Ẹni tó ti fọwọ́ síwèé ìyàlò ẹ̀rọ, mílíọ̀nù mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀. Iná náà lè gbé ìnáwó adúró sókè láìsọ fún yín: ní oṣù Kẹrin 2024, owó iná àwọn oníbàárà Báńdì A fò láti 68 sí 225 náírà fún kílówáàtì-wákàtí kan.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tàbí tí oṣù tó dára àti oṣù tí kò dára ń jìnnà síra wọn, ẹ dúró sí ààrò àyálò. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró síbẹ̀ lórí àdéhùn ẹnu. Ẹ bá onílé kọ àkókò tí ààrò jẹ́ tiyín sílẹ̀, kí ẹ sì mọ iye ohun èlò tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún owó búrẹ́dì: ní tiwa, nígbà tí ohun èlò bá dé 740, àṣẹ́kù ti ku 35, ẹ má dúró dé 780.

Ẹ̀yin tí ọjà yín ti dúró láàárín 8,000 sí 11,000, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òru yín tàfàlà, ààrò igi ni. Kì í ṣe nítorí èrè lẹ fi mú un, nítorí kí nǹkan lè wà lọ́wọ́ ara yín ni.

Ààrò ńlá wà fún ẹni tí oṣù tó burú jù lọ́dún rẹ̀ ti kọjá ojú ọ̀mì dáadáa, tó sì ní ibi tó máa gbé àfikún búrẹ́dì sí: ilé-ìwé abẹ́lé, ilé oúnjẹ, alágbàtà tó ń sanwó kó tó kó ọjà. Má ṣe lo oṣù tó wà láàárín. Lo èyí tó burú jù.

Ibẹ̀ ni obìnrin Mọ́níyà náà ti dákẹ́. Ó tún ṣí ojú ewé oṣù Kẹjọ, ó fi ìka sí 7,500, ó wo tábìlì náà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo iṣẹ́ oṣù yẹn, ọ̀mì ni mo máa ta." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á dúró ní ààrò àyálò fún ìgbà díẹ̀ ná, òun á lọ bá ilé oúnjẹ méjì sọ̀rọ̀, tí oṣù Kẹjọ tó ń bọ̀ bá sì dé 9,000, òun á padà wá. Ó gbàgbé ìwé rẹ̀ sórí tábìlì mi. Ó tún padà wá mú un lọ́jọ́ kejì.